Ọsibítù Ńlá, Sẹ́ńtà Kékeré: Lẹ́tà Nọ́ọ̀sì Tó Ń Wá Iṣẹ́ Aboyún ní Ìgbèríko

Bí ìpínlẹ̀ bá polówó iṣẹ́ fún nọ́ọ̀sì tí yóò máa tọ́jú aboyún àti ìyá ọmọ ní sẹ́ńtà ìgbèríko, ìwé máa ń ya wọlé ni. Púpọ̀ nínú wọn ló bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Mo jẹ́ nọ́ọ̀sì tó kúnjú òṣùwọ̀n, tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, tó sì ti lo ọdún 9 ní ọsibítù ńlá.” Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó kà á kò tíì mọ ohun tí nọ́ọ̀sì yìí máa ṣe lóru ọjọ́ tí obìnrin kan bá bímọ sí sẹ́ńtà tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, tí kò sí dókítà, tí iná ti lọ, tí ọsibítù jẹ́nẹ́rà tó sún mọ́ jù sì jẹ́ ìrìn wákàtí kan lórí ọ̀nà eléruku. Ohun tí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ń wá nínú lẹ́tà nìyẹn, kò sì pọ̀ tó ń kọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì kan gbé lẹ́tà tirẹ̀ wá fún mi kí n bá òun wò ó kó tó fi ránṣẹ́. Mo ti yí gbogbo ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀ padà. Ó ti lo ọdún 9 ní ọsibítù jẹ́nẹ́rà kan, 6 nínú rẹ̀ ní yàrá ìrọbí. Ipò tó ń wá wà ní Òkè-Ògùn, níbi tí abúlé ti jìnnà síra, tí ọ̀kadà sì ni ọkọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lẹ́tà tó kọ kọ́kọ́ kún fún ọ̀rọ̀ rere nípa ara rẹ̀. Ó lóye, ó ní sùúrù, ó lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ènìyàn, ó sì lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìnira. Ẹnikẹ́ni tó ń wá iṣẹ́ báńkì náà lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí á tó sọ̀rọ̀ lẹ́tà, ó yẹ kí á mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á sí. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni pé kí sẹ́ńtà wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí 4, kí wọ́n lè máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn lọ́sàn-án àti lóru. Torí àìtó wọn ni ìjọba ṣe dá ètò pàtàkì kan sílẹ̀ ní 2009 láti pín àwọn agbẹ̀bí sí ìgbèríko, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Títí di òní, èèyàn á dé sẹ́ńtà kan, á bá nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò méjì. Nọ́ọ̀sì yẹn ló ń ṣe àyẹ̀wò aboyún, òun ló ń gbẹ̀bí, òun ló ń lọ wo ìyá àti ọmọ nílé, òun náà ló sì máa pinnu pé ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ti ju tiwa lọ, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ. Kò sí agogo tó máa tẹ̀ kí dókítà sáré wá.

Ibẹ̀ ni ìṣòro nọ́ọ̀sì ọsibítù ńlá wà. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní ọsibítù dára, àmọ́ ènìyàn mẹ́wàá ló yí i ká tó fi ń ṣe é. Nígbà tó bá wá kọ “mo ní ìrírí tó jinlẹ̀”, ẹni tó ń kà á máa bi ara rẹ̀ pé, èwo nínú ìrírí yìí ló jẹ́ tirẹ̀, èwo ló sì jẹ́ ti dókítà, ti ilé ìfipamọ́ ẹ̀jẹ̀, ti jẹnẹrétọ̀? Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ dáhùn kí wọ́n tó béèrè.

Mo mú gbólóhùn kan nínú lẹ́tà náà: “Mo ní ìrírí nínú ìtọ́jú ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ.” Mo ní, “Kí lo máa ń ṣe gan-an?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀ẹ́n, mà, ohun tí gbogbo wa ń ṣe ni.”

“Sọ ọ́ fún mi bí ẹni pé n kì í ṣe nọ́ọ̀sì.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Bí ọmọ bá ti jáde, wọ́n máa ń tẹ́ rọ́bà kan tó ní àpò sí abẹ́ ìdí ìyá, ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú rẹ̀, ìlà tí wọ́n fà sára àpò náà á sì sọ iye rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n, ojú sì máa ń tanni. Ẹ̀jẹ̀ tó ti mu sínú aṣọ àti fóòmù kì í jọ èyí tó pọ̀ lójú ẹni, pàápàá lóru. Bó bá ti súnmọ́ mílílítà 500, tàbí tí wọ́n bá ti rí i pé ó ń yára dà, wọn ò ní dúró mọ́. Ọwọ́ kan á máa fi agbára wọ́ ilé ọmọ láti orí ikùn kó lè ki, ẹnìkan á fa abẹ́rẹ́ ọ́sítósìn, ẹnìkan á gbé omi sí iṣan, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ tíránẹsámíìkì, èyí tó ń bá ẹ̀jẹ̀ dì, tó sì gbọ́dọ̀ wọlé kí wákàtí 3 tó pé lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n á yẹ ibi wò bóyá ó pé, wọ́n á wo bóyá ojú ara ya, wọ́n á jẹ́ kí ìyá tọ̀, torí àpòòtọ̀ tó kún kì í jẹ́ kí ilé ọmọ sún kì. Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe pé kí wọ́n dán ọ̀kan wò kí wọ́n máa wò ó bóyá á ṣiṣẹ́.

Ìlànà yìí kì í ṣe àbá lásán. Wọ́n dán an wò ní àwọn ọsibítù ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tanzáníà, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023. Níbi tí wọ́n ti ń fi àpò díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣe ìtọ́jú náà pa pọ̀, ẹ̀jẹ̀ dídà tó le gan-an, iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀ àti ikú láti ọwọ́ rẹ̀ dín kù ní ìwọ̀n ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Nọ́ọ̀sì mi mọ iṣẹ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀, kò sì sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ nínú lẹ́tà tó kọ. “Ìrírí nínú ìtọ́jú” ló fi rọ́pò gbogbo rẹ̀.

Mo tún bi í pé: “Èwo nínú ohun wọ̀nyí ló máa wà ní sẹ́ńtà tí o fẹ́ lọ?” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ọwọ́ tó ń wọ́ ikùn máa wà. Àpò ìdíwọ̀n lè wà. Àmọ́ ọ́sítósìn fẹ́ òtútù, ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ iná lè má dé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Oògùn tó ti gbóná lójú fèrèsé fún oṣù mélòó kan ṣì máa wà nínú ìgò rẹ̀, á ṣì mọ́ gaara bí omi, agbára rẹ̀ ló ti lọ. Nọ́ọ̀sì á gún un, á gún un, ẹ̀jẹ̀ ò ní dá, á sì rò pé ara obìnrin náà ni kò gbà á. Nítorí náà, agbẹ̀bí ìgbèríko gbọ́dọ̀ mọ bí fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń ka òṣùwọ̀n rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó sì mọ ohun tí yóò lò bí fíríìjì bá kú. Oògùn oníhóró tí wọ́n ń pè ní mísópírọ́sítọ́ọ̀lù kò nílò òtútù. Ọ̀kan tún wà nínú abẹ́rẹ́, kábẹ́tósìn, tí irú kan rẹ̀ fara da ooru. Dídènà ìsun ẹ̀jẹ̀ ni tirẹ̀, wọn kì í fi í tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fíríìjì kékeré yìí ló mú kí lẹ́tà náà yí padà lójú tèmi. Nọ́ọ̀sì tó bá kọ ọ́ sí lẹ́tà rẹ̀ ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ti fojú inú rí sẹ́ńtà náà. Tí kò bá sì tíì rí i rárá, kò sí bó ṣe máa ronú kàn án.

Ohun tó tún wúlò jù nínú ìrírí rẹ̀, kò tilẹ̀ kà á sí ìrírí. Fún ọdún 3, òun ló ń darí iṣẹ́ alẹ́ ní yàrá ìrọbí. Bí sẹ́ńtà kan bá gbé obìnrin wá lóru, òun ló ń kọ́kọ́ rí i. Ó rí aboyún tó dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu awakọ̀ nìkan. Ó rí èyí tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń sọ pé “wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ méjì o”, tí ẹnikẹ́ni kò mọ abẹ́rẹ́ wo.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìdí tí ìyẹn fi burú. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru dé 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ní èròjà ara tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, wà létí ewu gìrì. Bí orí bá ń fọ́ ọ gan-an, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tàbí tí gìrì ti mú un, oògùn rẹ̀ ni mànísíọ́ọ̀mù sọ́fétì. Ní sẹ́ńtà tí kò ti rọrùn láti fi sí iṣan, wọ́n máa ń gún un ní gíráàmù 10 kí wọ́n tó gbé e lọ, 5 ní ìdí ọ̀tún, 5 ní ìdí òsì. Oògùn rere ni, àmọ́ àpọ̀jù rẹ̀ ń dá èémí dúró. Kí nọ́ọ̀sì ọsibítù tó fún un ní òmíràn, ó gbọ́dọ̀ mọ iye tó ti gbà àti aago tó gbà á. Ó tún gbọ́dọ̀ ka èémí rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ dín ní 16 ní ìṣẹ́jú kan. Kó fi òòlù kékeré lu orúnkún rẹ̀ wò bóyá ẹsẹ̀ á ta. Kó sì mọ̀ bóyá ó ń tọ̀ dáadáa. Bí kò bá sí ìwé, ṣé kó gún un ni àbí kó dúró? Bó bá gún un, ó lè ti pọ̀ jù. Bó bá dúró, gìrì lè tún mú un. Ìwé pélébé tí aago àti iye oògùn wà nínú rẹ̀ ló yẹ kó yanjú rẹ̀, ẹnìkan ní sẹ́ńtà ni kò kọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì yìí bínú sí ọ̀rọ̀ náà títí, lẹ́yìn náà ló bá mátírọ́nù sọ ọ́, tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ sì ya ìwé ojú kan: kí ló ṣe é, aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀, oògùn wo, ìwọ̀n wo, aago mélòó, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nígbà tó kúrò, nọ́ńbà ẹni tó gbé e ránṣẹ́. Wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún sẹ́ńtà mẹ́rin. Bí obìnrin bá sì ti dé, wọ́n máa ń pe sẹ́ńtà náà padà láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ó ní kò wá sọ́kàn òun láti kọ ọ́, torí kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbà òun fún. Mo ní ìyẹn gan-an ni kó kọ́kọ́ kọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ilé ìbímọ ti ìjọ fẹ́ ìṣọ́ra. Lẹ́tà rẹ̀ kọ́kọ́ ní, “Màá rí i dájú pé àwọn obìnrin kò lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìmọ̀kan mọ́.” Mo ní kó yọ ọ́. Ẹni tó bá mọ ìgbèríko mọ̀ pé ìyá tó ń gbẹ̀bí ládùúgbò ló gbẹ̀bí ọkọ obìnrin náà, àti pé aboyún tó forúkọ sílẹ̀ ní sẹ́ńtà lè máa lọ sí ilé ìbímọ ìjọ ní Ọjọ́rú kan náà, kó sì bí síbi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó gbà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò Agbẹ̀bíyè ní 2014 lẹ́yìn ètò Àbíyè. Nígbà náà, wọ́n ń san nǹkan fún àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tó bá mú aboyún wá sí ọsibítù, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tí wọ́n lè máa fi jẹun. Ẹ lè sọ pé ètò náà ní ìkù-díẹ̀-káàtó tirẹ̀, n kò ní jiyàn. Àmọ́ àwọn tó ń gbani síṣẹ́ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì tó bá wọ abúlé pẹ̀lú èébú kò ní rí aboyún kankan gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ohun tó yẹ kó sọ ni bí òun ti ṣe bá irú wọn ṣiṣẹ́ rí, bó bá ti ṣe é rí.

Ó ti ṣe é rí, lẹ́ẹ̀kan. Ìyá kan tó ń gbẹ̀bí gbé obìnrin kan wá tó ti ń rọbí láti àárọ̀ ọjọ́ kejì. Dípò kó bá a jà lójú ọ̀nà bí àwọn kan ti máa ń ṣe, ó kí i, ó fún un ní àga, ó bi í ní aago tí omi ya àti ohun tó ti fún un mu. Ìyá náà sọ òótọ́ fún un, títí kan àgbo. Láti ìgbà yẹn, ìyá náà máa ń pè é lórí fóònù kí ọ̀rọ̀ tó di ti òru.

Lẹ́tà tí a jọ tún kọ nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi ránṣẹ́ sí àjọ náà bí wọ́n ti máa ń ṣe, mo kọ ọ́ síbí ní Yorùbá bó ti rí.

Sí Alága Àjọ,

Mo ń kọ̀wé láti béèrè fún ipò nọ́ọ̀sì-agbẹ̀bí tí ẹ polówó fún ìtọ́jú aboyún àti ìyá ọmọ ní ìgbèríko. Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ilẹ̀ Nàìjíríà ti forúkọ mi sílẹ̀ bíi nọ́ọ̀sì àti bí agbẹ̀bí, láísẹ́ǹsì mi ṣì wà lójú ọjọ́, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo ti lo ọdún 9 ní ọsibítù jẹ́nẹ́rà, 6 ní yàrá ìrọbí, 3 tó gbẹ̀yìn bí olórí iṣẹ́ alẹ́.

Èmi ni mo máa ń gba àwọn obìnrin tí àwọn sẹ́ńtà bá gbé wá lóru. Ọ̀pọ̀ ń dé láìsí ìwé, tí a kò sì ní mọ oògùn tí wọ́n ti gbà. Èmi àti ẹnìkejì mi ṣe ìwé olójú kan tí sẹ́ńtà 4 ń kọ báyìí kí wọ́n tó gbé aláìsàn kúrò, a sì máa ń pè wọ́n padà láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Mo mọ ohun tí ọsibítù nílò láti gbọ́, mo sì fẹ́ máa kọ ọ́ láti ìhà kejì.

Nínú iṣẹ́ alẹ́, dókítà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ọsibítù, ó sì lè wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo ti kọ́ láti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìsun ẹ̀jẹ̀ kó tó dé: mo ń fi àpò díwọ̀n ẹ̀jẹ̀, mo ń wọ́ ilé ọmọ, mo ń fún ìyá ní oògùn àti omi iṣan bí ìlànà ọsibítù ti gbà mí láyè, mo sì ń pinnu láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bóyá ó nílò ọwọ́ tó ju tèmi lọ. Mo ti ń tọ́jú ẹni tí gìrì aboyún ń bá jà, mo sì mọ àmì àpọ̀jù mànísíọ́ọ̀mù. Mo mọ̀ pé ní sẹ́ńtà, ọ́sítósìn kò ní wúlò bí òtútù rẹ̀ kò bá pé. Mo ṣiṣẹ́ fún oṣù 8 ní ẹ̀ka abẹ́rẹ́ àjẹsára, níbi tí mo ti ń kọ òṣùwọ̀n fíríìjì sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Mo ti bá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ kan ládùúgbò ọsibítù wa ṣiṣẹ́, ó sì máa ń pè mí báyìí kí ó tó gbé aboyún wá. Mo gbọ́ Yorùbá Òkè-Ògùn, mo sì lè gun ọ̀kadà.

N kò tíì ṣe àbẹ̀wò ilé fún ìyá ọmọ lẹ́yìn ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. Ní ọsibítù, mo máa ń pe àwọn ìyá tí ara wọn kò le ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ sílé. Màá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tó mọ ilé wọn mú mi rìn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́.

Mátírọ́nù yàrá ìrọbí wa àti olórí ẹ̀ka abẹ́rẹ́ àjẹsára ti gbà láti jẹ́rìí mi. Mo lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù kan tí mo bá ti fi ìwé sílẹ̀ níbi tí mo wà.

Lẹ́tà tó tẹ́ ojú ewé kan ni. Ìlà “n kò tíì ṣe” ló dẹ́rù bà á jù. Ó ní, “Mà, ṣé n ò ti fi ẹnu ara mi kọ iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí?” Mo sọ fún un pé àbẹ̀wò ilé jẹ́ apá kan gbòógì nínú iṣẹ́ tó ń wá. Ìtọ́sọ́nà àgbáyé ni kí wọ́n rí ìyá àti ọmọ nínú wákàtí 24 àkọ́kọ́, kí wọ́n tún rí wọn láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹta, láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Àwọn tó ń kà á máa wá a. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n á rò pé ó gbàgbé tàbí pé ó ń fi pamọ́. Èyí tó kọ yìí fún wọn ní ohun méjì: ohun kékeré tó ti ń ṣe tó fara pẹ́ ẹ, àti ọ̀nà tó fẹ́ gbà kọ́ ọ. Apá ìkejì yẹn dùn mọ́ mi, torí ó fi òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò sí ipò olùkọ́. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó ti ọsibítù dé sẹ́ńtà ló ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n mọ ilé tí aboyún wà àti ọkọ tó ń lu ìyàwó.

Ó tún fẹ́ kọ ìtàn obìnrin kan tó gbà là, pẹ̀lú abúlé rẹ̀ àti oṣù tó ṣẹlẹ̀. Ìtàn náà dára, àmọ́ mo ní kó má kọ ọ́. Òkè-Ògùn kì í ṣe ìlú ńlá. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ obìnrin náà, nọ́ọ̀sì tó bá sì ń tú àṣírí aláìsàn nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ ti fi hàn bó ṣe máa ṣe lábúlé. Bákan náà ni ó kọ́kọ́ kọ pé òun ti gbẹ̀bí “tó lé ní ẹgbẹ̀rún”. Mo bi í bóyá ó lè fi rẹ́jísítà yàrá ìrọbí tì í lẹ́yìn. Kò dá a lójú, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni òun àti ẹlòmíràn jọ gbà. Ó yọ ọ́. Nínú gbogbo nọ́ńbà inú lẹ́tà náà, kò sí èyí tí ẹnìkan kò lè pe mátírọ́nù láti béèrè.

Ìwé tó yẹ kó tẹ̀lé lẹ́tà kò pọ̀: ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí méjèèjì, ẹ̀dà láísẹ́ǹsì, ìtàn iṣẹ́ ní ojú ewé méjì. Láísẹ́ǹsì máa ń fẹ́ ìsọdọ̀tun ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ẹni tó bá jẹ́ kí tirẹ̀ pé kí ó tó kọ̀wé, lẹ́tà rẹ̀ lè má kọjá tábìlì akọ̀wé. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ bi í, kí n tó ka ìlà kan nínú ohun tó kọ.

Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí mo ti rò, inú lẹ́tà rẹ̀ ni gbogbo ìbéèrè ti wá. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ mú ọ̀rọ̀ fíríìjì: “Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, fíríìjì ti kú láti àná, obìnrin kan sì ń rọbí. Kí lẹ máa ṣe?” Ó ní òun á gbé ọ́sítósìn sínú kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára pẹ̀lú yìnyín tó bá ṣì wà, òun ò ní jẹ́ kó fara kan yìnyín náà gan-an, òun á wo òṣùwọ̀n àná láti mọ bó ti pẹ́ tó nínú ooru, òun á gbé mísópírọ́sítọ́ọ̀lù sítòsí, òun á sì pe ọlọ́kọ̀ tó ń gbé aláìsàn báyìí láti mọ̀ bóyá ó wà nílé, kí ó tó di pé òun nílò rẹ̀. Ọkùnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì bi í pé ta ló ń sanwó ọkọ̀ náà. Ó ní òun ò mọ̀, pé ìyẹn ni òun fẹ́ béèrè lọ́wọ́ wọn.